A Kì Í Tún Òṣùwọ̀n Gbẹ́ Lẹ́yìn Tí A Ti Wọn Ọjà Tán

Ohun kan wà nínú ìdíje àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa tí ó yẹ kí a bá ara wa sọ. Olùkọ́ yóò kó ọmọ mẹ́rin láti ìletò wá sí ìlú ńlá, kí wọn lè bá àwọn ẹgbẹ́ wọn ta ṣẹ́ẹ̀sì tàbí ayò ọlọ́pọ́n. Wọn yóò jí ní ìdájí, wọn yóò san owó ọkọ̀, wọn yóò sì dé ibi ìdíje kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n kí agogo mẹ́wàá tó lù, méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn yóò ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn yóò sì di òǹwòran títí di ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ ọ́n ta. Ìlànà tí a ń lò, èyí tí ó ní kí ẹni tí ó bá fìdí rẹmi máa lọ sílé, ni kò fún wọn láyè.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Wọn yóò ní bí a bá fẹ́ kí olúkúlùkù bá gbogbo ènìyàn ta, ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ wa lórí. Òtítọ́ ni èyí. Bí ọmọ 30 bá fẹ́ bá ara wọn ta tán pátápátá, ìpele 29 ni wọn yóò ta, ayò náà yóò sì jẹ́ 435. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀nà kẹta wà láàárín méjèèjì. Ìlú Zurich ní ilẹ̀ Swítsàlandì ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó ní ọdún 1895, ọ̀gbẹ́ni Julius Müller ni a sì ń ka ìgbékalẹ̀ rẹ̀ sí lọ́rùn. Nítorí náà ni àwọn òṣèré ṣẹ́ẹ̀sì ṣe ń pè é ní ọ̀nà àwọn ará Swítsàlandì. Láti ọdún 1976, nígbà tí ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ti gbogbo orílẹ̀-èdè àgbáyé wáyé ní ìlú Haifa, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà wọ inú ìdíje ńlá náà. Nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí a ń lé lọ sílé. Ọmọ 30 yẹn yóò ta ìpele 5 péré, gbogbo wọn yóò sì wà lórí ìjókòó títí dé òpin.

Ìpìlẹ̀ ọ̀nà náà kò ju òfin méjì lọ. Èkíní ni pé, ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹni tí máàkì yín bá dọ́gba ni ẹ ó jọ ta. Èkejì ni pé ẹni méjì kò gbọdọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdíje kan náà. Ẹni tí ó bá borí ní ìpele kìíní yóò bá ẹni tí òun náà borí ta. Ẹni tí ó fìdí rẹmi yóò bá ẹni tí òun náà fìdí rẹmi ta. Bí ìpele bá ti ń gorí ìpele, àwọn ọ̀ta yóò máa bá ọ̀ta pàdé lókè, àwọn òpè yóò sì máa bá òpè pàdé nísàlẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yan ọ̀tá fún ara rẹ̀. Ẹni tí ó borí gba máàkì 1, ẹni tí ó ta ọ̀mì gba ààbọ̀, ẹni tí ó fìdí rẹmi kò gba nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ 8 ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa. Bí a bá tò wọ́n láti orí ẹni tí a mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n ta jù lọ dé orí ẹni tí ó kẹ́yìn, orúkọ wọn ni Àjàyí, Bánkọ́lé, Dàda, Fádípẹ̀, Gbádébọ̀, Ìdòwú, Kẹ́hìndé àti Láńre. Ní ìpele kìíní, gbogbo wọn ni kò tíì ní máàkì, nítorí náà a pín wọn sí ọ̀nà méjì: mẹ́rin òkè àti mẹ́rin ìsàlẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ lókè bá ẹni àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ ta, a sì tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Àjàyí bá Gbádébọ̀ ta, ó sì borí. Bánkọ́lé borí Ìdòwú. Fádípẹ̀ borí Láńre. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ṣẹlẹ̀ ní tábìlì kẹta: Kẹ́hìndé, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ipò keje, borí Dàda tí ó wà ní ipò kẹta.

Kí olùkọ́ dúró díẹ̀ níbí yìí. Nínú ìlànà tí a ti mọ́ra, Dàda ti parí tirẹ̀. Ó ti di ẹni tí ń mu omi lábẹ́ igi máńgòrò. Nínú ọ̀nà tí à ń sọ yìí, ó ṣì kù fún un ìpele 2.

Ní ìpele kejì, àwọn mẹ́rin tí wọ́n ní máàkì 1 ta láàárín ara wọn, àwọn mẹ́rin tí kò ní nǹkan kan sì ta láàárín ara wọn. Àjàyí borí Fádípẹ̀, Bánkọ́lé sì borí Kẹ́hìndé. Nísàlẹ̀, Dàda borí Ìdòwú, Gbádébọ̀ sì borí Láńre. Nísinsìnyí, Àjàyí àti Bánkọ́lé ní máàkì 2. Dàda, Fádípẹ̀, Gbádébọ̀ àti Kẹ́hìndé ní máàkì 1. Ìdòwú àti Láńre kò tíì ní.

Ní ìpele kẹta, Àjàyí bá Bánkọ́lé ta, ó sì borí. Nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n ní máàkì 1, a kò lè so Dàda mọ́ Kẹ́hìndé, nítorí wọ́n ti pàdé rí. Dàda bá Gbádébọ̀ ta, ó borí. Kẹ́hìndé bá Fádípẹ̀ ta, òun náà borí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, Ìdòwú borí Láńre.

Ìdíje parí. Àjàyí ní máàkì 3, òun nìkan ni kò sì fìdí rẹmi. Bánkọ́lé, Dàda àti Kẹ́hìndé ní máàkì 2 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fádípẹ̀, Gbádébọ̀ àti Ìdòwú ní máàkì 1. Láńre nìkan ni kò ní nǹkan kan. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìpele 3 ni ẹni 8 yìí ta. Iye ìpele kan náà gan-an ni wọn ìbá ta bí a bá ń lé ẹni tí ó fìdí rẹmi lọ. Àsìkò tí ó gbà kò lé, ṣùgbọ́n ayò tí àwọn ọmọ ta di 12 dípò 7. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni 16, ìpele 4. Ẹni 32, ìpele 5. Ẹni 64, ìpele 6. Bí iye ènìyàn bá di ìlọ́po méjì, ìpele kan ṣoṣo ni ó ń lé. Bí ọ̀mì kò bá sí, iye ìpele wọ̀nyí tó kí ó lè ṣẹ́ ku ẹni kan péré tí a kò borí. Bí ọ̀mì bá wà, ẹni méjì tàbí mẹ́ta lè jọ wà lókè, a sì máa ń fi ìpele kan tàbí méjì kún un.

Àwọn tí ń wo bọ́ọ̀lù yóò wí pé àwọn ti gbọ́ orúkọ ọ̀nà yìí. Láti ọdún 2024 ni ife-ẹ̀yẹ àwọn akọni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù ti ń lo tábìlì kan fún ẹgbẹ́ 36, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń bá ẹgbẹ́ 8 gbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pè é ní ti àwọn ará Swítsàlandì. Orúkọ nìkan ni wọ́n jọ jẹ́. Ẹgbẹ́ 8 tí olúkúlùkù yóò bá pàdé ni a ti fi ìbò mú kí a tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Kì í ṣe àbájáde ìpele tí ó kọjá ni ó ń pinnu ìpele tí ń bọ̀. Èyí tí àwa ń sọ, a kì í mọ ẹni tí a ó bá ta lọ́la àfi bí ti òní bá parí.

Wàyí o, ibi tí wàhálà wà nìyí. Àjàyí gba ipò kìíní, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ni ó jẹ́ ọgba ní ipò kejì, ife kan ṣoṣo ni ó sì wà fún un. Ta ni kí a gbé e fún?

Ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé kí a wo ẹni tí ó borí ẹnì kejì rẹ̀. Bánkọ́lé borí Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé sì borí Dàda. Ṣùgbọ́n Bánkọ́lé àti Dàda kò pàdé rárá. Àlàfo yìí kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Inú ọ̀nà náà gan-an ni ó ti wá, níwọ̀n bí olúkúlùkù kò ti bá gbogbo ènìyàn ta. Nítorí náà ni a ṣe nílò òṣùwọ̀n mìíràn láti ya àwọn ọgba sọ́tọ̀.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni èyí tí Bruno Buchholz, ará Jámánì, dá sílẹ̀ ní ọdún 1932. Ìbéèrè tí ó ń bi ni pé: àwọn wo ni ìwọ bá ta? A ó kó máàkì tí gbogbo ẹni tí o bá ta ní ní òpin ìdíje jọ, àròpọ̀ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ. Bánkọ́lé bá Ìdòwú tí ó ní 1, Kẹ́hìndé tí ó ní 2, àti Àjàyí tí ó ní 3 ta: àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6. Kẹ́hìndé bá Dàda tí ó ní 2, Bánkọ́lé tí ó ní 2, àti Fádípẹ̀ tí ó ní 1 ta: àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5. Dàda bá Kẹ́hìndé tí ó ní 2, Ìdòwú tí ó ní 1, àti Gbádébọ̀ tí ó ní 1 ta: àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4. Ipò kejì di ti Bánkọ́lé, ẹ̀kẹta di ti Kẹ́hìndé, ẹ̀kẹrin sì di ti Dàda.

Ọgbọ́n wà nínú èyí. Ẹni tí ó bá fìdí rẹmi ní òwúrọ̀ yóò máa gba ìsàlẹ̀ kọjá, níbi tí ọ̀nà ti rọrùn. Ẹni tí ó borí ní òwúrọ̀ yóò máa gun òkè. Àwọn alárékérekè kan tilẹ̀ wà tí wọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ so ọwọ́ wọn ní ìpele kìíní, kí wọn lè rí òpè bá ta ní ìpele kejì. Òṣùwọ̀n Buchholz ń tú àṣírí irú wọn, nítorí máàkì wọn lè pọ̀, ṣùgbọ́n àròpọ̀ àwọn tí wọ́n bá ta yóò kéré.

Ṣùgbọ́n a kò ní fi òtítọ́ pamọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa: òṣùwọ̀n yìí ní àbùkù. Ẹ padà lọ wo ayò tí ó kẹ́yìn nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí Ìdòwú ti borí Láńre. Ká ní Láńre ni ó borí ńkọ́? Máàkì Ìdòwú ìbá di òfo. Ìdòwú sì wà lára àwọn tí Bánkọ́lé bá ta, àròpọ̀ Bánkọ́lé yóò sì wálẹ̀ láti 6 sí 5, yóò sì dọ́gba pẹ̀lú ti Kẹ́hìndé. Bánkọ́lé kò sí ní tábìlì yẹn, Kẹ́hìndé kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ife wọn wà. Bí Ìdòwú bá sì sọ pé ebi ń pa òun, tí ó sì lọ sílé lẹ́yìn ìpele kejì, ọmọ ọlọ́mọ ni ó pa lára. Bí olùkọ́ bá rí i pé ipò ẹnìkan yí padà lẹ́yìn tí ẹni náà ti dìde lórí ìjókòó, ibi tí kí ó yẹ̀ wò nìyẹn.

Àtúnṣe kan wà fún àbùkù yìí, òun náà kò sì le. Nínú àwọn tí olúkúlùkù bá ta, a ó yọ ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré jù lọ kúrò, a ó sì ro ìyókù pọ̀. Bánkọ́lé yóò ní 3 àti 2, ó di 5. Kẹ́hìndé yóò ní 2 àti 2, ó di 4. Dàda yóò ní 2 àti 1, ó di 3. Bí Láńre tilẹ̀ borí Ìdòwú, Ìdòwú náà ni a ó yọ kúrò lọ́rùn Bánkọ́lé, 5 rẹ̀ kò sì ní yẹ̀. Ẹni tí ó kẹ́yìn kò tún lè da ìṣirò àwọn tí ó wà lókè rú mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Òṣùwọ̀n mìíràn sì wà tí a fi orúkọ Sonneborn àti Berger pè. Èyí kò ka gbogbo ẹni tí o bá ta. Ẹni tí o borí ni ó ń ka máàkì rẹ̀ pé, ó sì ń ka ìdajì máàkì ẹni tí ẹ jọ ta ọ̀mì. Ẹ fi wọn àwọn mẹ́ta wa wò. Bánkọ́lé borí Ìdòwú àti Kẹ́hìndé, ó ní 3. Kẹ́hìndé borí Dàda àti Fádípẹ̀, òun náà ní 3. Dàda borí Ìdòwú àti Gbádébọ̀, ó ní 2. Níhìn-ín, Bánkọ́lé àti Kẹ́hìndé tún di ọgba, a ó sì ní láti padà sí ayò tí àwọn méjèèjì ta kí a tó lè gbé ife fún Bánkọ́lé.

Ẹ ti rí i báyìí. Àwọn ọmọ kan náà ni, ayò kan náà ni, àbájáde kan náà ni. Síbẹ̀ òṣùwọ̀n tí a bá mú ni ó ń sọ bóyá Bánkọ́lé ju Kẹ́hìndé lọ tàbí wọ́n dọ́gba. Kò sí èyí tí ó jẹ́ èké nínú wọn. Ohun tí olúkúlùkù wọn ń wọn ni ó yàtọ̀. Bí ó bá wá jẹ́ lẹ́yìn ìdíje ni a ń yan òṣùwọ̀n, ẹni tí ń yan òṣùwọ̀n ni ó ń yan olùborí.

Àwa tí a ti dàgbà ní orílẹ̀-èdè yìí kò ní láti lọ jìnnà kí a tó mọ ohun tí irú èyí ń bí. Ní ọdún 1979, òfin ní kí ẹni tí yóò di Ààrẹ ní ìdámẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdáméjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ 19 tí ó wà nígbà náà. Ìdáméjì nínú mẹ́ta 19 kò pé géérégé, 12⅔ ni. Ṣé 13 ni kí a kà á sí ni, tàbí kí a pín ìpínlẹ̀ kẹtàlá sí wẹ́wẹ́? Ìgbà tí àbájáde ti jáde ni gbogbo ayé ń jiyàn lé e. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi ọwọ́ sí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà pé Alhaji Shehu Shagari ni ó wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n dìbò fún Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò gbà á tọkàntọkàn títí di òní. A kò tún ẹjọ́ náà dá níhìn-ín. Ohun tí a ń sọ ni pé bí ìtumọ̀ 12⅔ bá ti wà lára ògiri kí ìbò àkọ́kọ́ tó bọ́ sínú àpótí, ẹni tí ó fìdí rẹmi ìbá mọ ohun tí ó na òun.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Batumi ní ilẹ̀ Jọ́jíà ní ọdún 2018, níbi ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn ìpele 11, Ṣáínà, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà jọ ní máàkì 18. Òṣùwọ̀n tí a ti kọ sínú ìwé òfin kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni a fi yà wọ́n: Ṣáínà gba wúrà, Amẹ́ríkà gba fàdákà, Rọ́ṣíà gba idẹ. Ó dájú pé ó dun àwọn kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè wí pé nítorí tòun ni a ṣe gbẹ́ òṣùwọ̀n náà.

Èrò tiwa, nígbà náà, kò fara sin. Kí àwọn ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa fi ọ̀nà tí a kì í lé ẹnikẹ́ni lọ yìí rọ́pò èyí tí a ń lò nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì àti ayò àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Bí iye àwọn ọmọ kò bá ṣeé pín sí méjì, kí ẹni tí ó kẹ́yìn nínú àwọn tí máàkì wọn kéré jù lọ sinmi ní ìpele náà, kí a fún un ní máàkì 1, kí ẹnikẹ́ni má sì sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Kí a kọ òṣùwọ̀n tí a ó lò, àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e bí àkọ́kọ́ bá kùnà, sára ògiri kí a tó so ẹnikẹ́ni pọ̀ ní ìpele kìíní.

Ohun kan sì kù tí a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ fi sọ́kàn. Bí bàbá Dàda bá bi wá pé kí ni ọmọ òun ṣe tí ó fi gba ipò kẹrin, nígbà tí máàkì rẹ̀ kò kéré sí ti Bánkọ́lé, ìdáhùn wa kò ní ju pé àwọn tí ó bá pàdé kò le tó. Òun kọ́ ni ó yàn wọ́n. Tábìlì ìdíje ni ó yàn wọ́n fún un. Nítorí náà, ife tí kò ṣeé dá sí mẹ́ta nìkan ni kí a máa fi òṣùwọ̀n ìyàsọ́tọ̀ pín. Bí ó bá jẹ́ owó tàbí ìwé kíkà ni ẹ̀bùn, kí a pín in dọ́gba fún gbogbo àwọn tí máàkì wọn dọ́gba, kí a sì kọ ìyẹn náà sára ògiri ní òwúrọ̀.